Kí Oyún Tó Dé: Ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti Ìtọ́jú Obìnrin Ẹlẹ́jẹ̀ SS
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Westchase, Houston

Àwọn baba wa, tí wọn kò ní awò tí a fi ń wo ohun tíntìntín, ti mọ àìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, wọ́n sì sọ ẹni tí ó ń ṣe ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé wọ́n rí i bí ọmọ ti ń sunkún egungun títí di ọ̀gànjọ́, tí gbogbo ilé ń wo ojú ara wọn bí ẹni tí yóò ṣọ̀fọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ilẹ̀ sì mọ́ tí ọmọ náà tún dìde tí ó ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ.

Ohun tí awò wá fi hàn wá ni pé ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni bẹ́ẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá dín kù, a máa tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé, a máa le gan-an, a sì máa há sínú àwọn iṣan tíntìntín tí ó yẹ kí ó gbà kọjá wọ́ọ́rọ́. Ibi tí ó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tí a máa ń sọ fún obìnrin tí ó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí pé kí ó má tilẹ̀ ronú oyún rárá, ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn bí John Hendrickse àti Lucio Luzzatto tọ́jú àwọn aboyún SS, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ní ọdún 1972. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe pé ṣé ó lè bí mọ́. Bí yóò ṣe bímọ tí òun àti ọmọ yóò fi yè ni. Apá kan péré ni n óò sì mú nínú rẹ̀ lónìí, èyíinì ni oṣù mélòó kan tí ó ṣáájú oyún, nítorí pé níbẹ̀ ni mo rí i tí àwa ará ilé ti ń ṣe àṣìṣe jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ọ̀pọ̀ àbúrò tí mo ti bá jókòó ni mo hun pọ̀ di ẹyọ kan. Ọmọ ọdún 31 ni, SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń gbé nítòsí Westheimer, ó ti lọ́kọ ní ọdún kan sẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọn àkọ́kọ́ dé ní ọdún tí ń bọ̀. Nínú àpò rẹ̀ ni páálí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rán sí i láti Èkó, tí ó ń lò lójoojúmọ́ nítorí pé nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀, ó sì ń dùn ún. Oògùn náà ní hóróòmù méjì nínú, ẹ́sítírójìn àti projẹ́sítínì. Àkọ́kọ́ ni ó léwu. Ẹ́sítírójìn a máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yá láti dì, ẹ̀jẹ̀ SS sì ti ń wá ọ̀nà àtidì tẹ́lẹ̀. Bí ìdì ẹ̀jẹ̀ bá gbéra láti ẹsẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tàbí tí ó bá há sí ọpọlọ, ìyẹn kò jọ ìrora egungun tí ilẹ̀ ń mọ́ bá.

Ní ọdún 2024, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìdènà àrùn, CDC, gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́jẹ̀ dòjé láti ìpele 2, níbi tí a ti ń gbà pé àǹfààní rẹ̀ ju ewu lọ, sí ìpele 4, tí í ṣe pé kí a má lò ó rárá. Bákan náà ni ti bẹ́lẹ́bẹ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara àti òrùka tí a ń fi sí ojú ara, nítorí ẹ́sítírójìn wà nínú àwọn náà. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì nílé ń tẹ̀ lé, ti fi í sí ìpele 2, nítorí náà kò yẹ kí a dá ẹ̀gbọ́n tí ó rán oògùn wá lẹ́bi. Ohun tí ó yẹ ni kí obìnrin tí ó ń lò ó lọ rí dókítà kí ó lè pààrọ̀ rẹ̀, kí ó má kàn sọ ọ́ nù kí oyún tí kò múra sílẹ̀ fún sì bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ni yóò fi pààrọ̀ rẹ̀? Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta kò ní ẹ́sítírójìn, ìwádìí kan tí Graham Serjeant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Jàmáíkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1982, sì fi hàn pé àwọn obìnrin SS tí ó gbà á ní ìrora tí ó dín kù. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ náà a máa jẹ́ kí egungun fẹ́lẹ́ díẹ̀, egungun sì ni ibi tí àrùn yìí ti ń jà jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó máa ń pẹ́ lára. Láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, nǹkan bí oṣù 10 ni ọ̀pọ̀ ń lò kí wọ́n tó lóyún. Obìnrin tí ó fẹ́ ọmọ lọ́dún tí ń bọ̀ kò ní àkókò náà. Lúùpù onibàbà kò ní hóróòmù kankan, ṣùgbọ́n a máa sọ nǹkan oṣù di púpọ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré tẹ́lẹ̀ kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò fi tọrẹ. Lúùpù oníhóróòmù, tí projẹ́sítínì nìkan wà nínú rẹ̀, a máa dín nǹkan oṣù kù, ọjọ́ tí a bá sì yọ ọ́ ni ọ̀nà oyún ṣí. Èyí tí a ń rì sí apá náà rí bẹ́ẹ̀, àti oògùn oníprojẹ́sítínì nìkan fún ẹni tí kò ní gbàgbé láti gbé e mì lásìkò. Obìnrin wa yan lúùpù oníhóróòmù. Ìyá ọkọ rẹ̀ fárígá, ó ní ta ni í fi ìdènà sí ilé ọmọ tí kò tíì bí ẹyọ kan? Mo mọ ẹ̀rù náà, n kò sì fi ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n lúùpù náà kò dí ọ̀nà ọmọ. Ó ń ṣọ́ ọ títí ilé yóò fi gbáradì. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Wíwo ilé náà bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ. Ọkọ ní AA ni òun, ó sì mú ìwé kékeré kan tí ó ti ń gbé kiri láti ìgbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Dókítà kò gba ìwé náà, inú ọkọ kò sì dùn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kan wà tí ó rọrùn, tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ti wá, tí a ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi oògùn tí a sì ń wò bóyá yóò dàrú bí omi ẹ̀kọ. S nìkan ni ó ń fi hàn, kò lè rí C rárá, C sì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tí ó ń ya irú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, tí a ń pè ní ẹlẹ́kitirofórésíìsì, AC ni ọkọ. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ìyàwó yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní S, nítorí kò ní òmíràn, ọkọ yóò fún un ní A tàbí C. Ìdajì ìdajì ni, lójú oyún kọ̀ọ̀kan, pé ọmọ náà yóò jẹ́ AS tí ara rẹ̀ yóò dá ṣáká, tàbí SC, tí í ṣe àìsàn yìí kan náà bí ó tilẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀. Wọ́n sọ fún wọn pé ọ̀nà wà láti da ọmọ pọ̀ ní ilé ìwádìí kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbé e sínú ìyá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Tọkọtaya náà ronú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì ní àwọn yóò gba ọmọ tí Olódùmarè bá fún àwọn, kìkì kí àwọn mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpinnu tiwọn nìyẹn. Ẹlòmíràn lè yan òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì bú u.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ara ìyàwó. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀ bóyá ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró ti ga, nítorí ẹni tí ìyẹn bá ṣe, oyún lè pa á. Wọ́n wo kíndìnrín nínú ìtọ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn ojú, wọ́n sì wá àwọn ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbà sára rí lè ti jí dìde, nítorí irú wọn lè rékọjá lọ kọ lu ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú. Ó ń lo haidirọ́síyúríà, oògùn tí ó ti dín ìrora rẹ̀ kù púpọ̀; ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a fi í sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta kí a tó wá oyún, bí ọkùnrin bá sì ni ó ń lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á yọ lúùpù ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n fi oògùn sílẹ̀. Lúùpù ni ó yẹ kí ó dúró títí oṣù mẹ́ta náà yóò fi pé. Lísínópírìlì, tí àwọn kan ń lò fún kíndìnrín, kò bá oyún mu, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Fólíìkì ásíìdì tirẹ̀ di mìlígíráàmù 4 tàbí 5 lójúmọ́, ju 0.4 tí à ń fún ìyókù lọ dáadáa, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ń yára bàjẹ́ ń gbẹ ìṣúra ara.

Ó lóyún ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí wọ́n yọ lúùpù. Dókítà oyún àti dókítà ẹ̀jẹ̀ ń pín ìwé rẹ̀ láàárín ara wọn. Láti ọ̀sẹ̀ 12 ni ó ti ń lo ásípírìn kékeré, mìlígíráàmù 81 lójúmọ́, láti dènà ìfúnpá oyún. Ìwádìí lórí ásípírìn fún aboyún ẹlẹ́jẹ̀ dòjé sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀dé Afọlábí darí ní Èkó. Láti ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọn ìdàgbà ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀rọ ìfúnpá wà lórí tábìlì ilé rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí ó bá ti dé 140 lórí 90, òun kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la kí òun tó pe dókítà. Nígbà tí egungun bá mú un, kì í lo ibuporofẹ́nì mọ́ láti ọ̀sẹ̀ 20.

Àwọn kan ti bi mí pé, ṣé kí a máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lóṣooṣù? Ní Amẹ́ríkà yìí, Mabel Koshy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára aboyún 72, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1988: ìrora dín kù, ṣùgbọ́n kò mú kí ọmọ yè jù. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà náà sì lè jí ọmọ ogun tuntun dìde. Nítorí náà, kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Àmì mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ mú aboyún SS dé ilé ìwòsàn láìka agogo sí: ibà tí ó dé 38, àyà tí ń dùn pẹ̀lú mímí tí kò já gaara, àti orí fífọ́ tí ojú ń ṣú. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé irú ìrora rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni.

Ó bí ọmọbìnrin ní ọ̀nà àdáyébá. Kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti fi lúùpù òmíràn sí i. Ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kejì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ìwé èsì náà sùn sínú fáìlì dókítà. Ẹ béèrè rẹ̀, ẹ fi ojú ara yín kà á. Bí ó bá jẹ́ FAS, AS ni ọmọ yín. Bí ó bá jẹ́ FS tàbí FSC, ẹ lọ bá dókítà ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an, nítorí kí ọmọ FS tó pé oṣù méjì ni ó ti yẹ kí pẹnisílínì wà lẹ́nu rẹ̀. FAS ni wọ́n kọ sí ìwé ọmọbìnrin náà.