Nígbà tí férémù bá gé ìṣẹ́tí aṣọ

Ẹni kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀tì àǹkárá ní Sango ya fótò, àmọ́ férémù gé ìṣẹ́tí aṣọ dànù. Lórí Snapseed, ẹ tẹ Expand, ẹ yan Smart, kí ẹ fa ìsàlẹ̀ fótò wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà nítòsí ló máa dà kọ. Kò mọ ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì parí sí. Tí ẹ bá fà á jù, òdòdó àǹkárá á pé méjì, olójú mímú á rí i.

Nítorí náà, ẹ ya ìṣẹ́tí gan-an lọ́tọ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ẹ gé e ku ìṣẹ́tí nìkan, ẹ fi Double Exposure gbé e lé ibẹ̀, kí òdòdó bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú inú rán an: ṣẹ́ẹ̀tì tó gùn nínú fótò tó sì kúrú lọ́rùn oníbàárà, dídá padà ni.