Àwọ̀ Tó Ṣeé Kà Lórí Fóònù

Ẹ̀yin ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó tí ẹ ń polówó ọjà lórí Wáàtísáàpù, ẹ gbọ́: àwọ̀ lẹ́tà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ gedegbe sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ wo dánfó: yẹ́lò ni, ìlà rẹ̀ dúdú. Òkèèrè la ti ń rí i. Ká ní ìlà náà funfun ni, kò ní hàn tó bẹ́ẹ̀.

Bí yẹ́lò bá ni àwọ̀ ilé-iṣẹ́ yín, ẹ fi dúdú kọ orúkọ. Kí lẹ́tà nípọn, kó má lọ́. Lẹ́tà tó lọ́ máa ń dì pọ̀ bó bá kéré.

Ẹ wo ìpolówó yín lórí fóònù nínú oòrùn. Bí kò bá ṣeé kà, ẹ tún un ṣe.

Ẹ rántí: àwọ̀ lẹ́tà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.