Híta Alágbá àbí Ṣáwà Oníná: Èwo Ló Bá Iná Tí Kì í Dúró Mu?

Àwa tí a wà ní ìlà àwọn tó ń ta ohun èlò iná, ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́: ẹni tó fẹ́ fi owó tó yá lẹ́gbẹ́ ra ohun tí yóò máa gbé omi ìwẹ̀ gbóná, ṣé ṣáwà oníná tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀ ni kó rà, àbí híta alágbá tó ń tọ́jú omi gbígbóná pamọ́?

Ká kọ́kọ́ mú ti owó. Ọ̀pọ̀ gbà pé ṣáwà ló ń jẹ iná jù, torí 5,500 wọ́ọ̀tì ló wà lára rẹ̀, nígbà tí híta alágbá kékeré jẹ́ 1,500. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi 20 lítà tó wà ní 26 dìgírì, tí a fẹ́ kó dé 40, yóò jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́ta yúnítì, èyíkéyìí tí ì báà gbé e. Ṣáwà á fi bí ìṣẹ́jú 4 ṣe é, híta alágbá á fi bí 13. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúnítì kan fún àwọn tó wà ní Bándì A dé 225 náírà. Ó ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n tí a bá fi ṣírò, ìwẹ̀ kan jẹ́ bí 75 náírà. Èèyàn márùn-ún lóòjọ́ á jẹ́ 375.

Ibi tí híta alágbá ti ń fowó ṣòfò ni tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lórí iná látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí omi lítà 15 inú rẹ̀ bá tutù láti 60 dìgírì sí 40, tó sì tún un gbé gbóná, ìdá kan nínú mẹ́ta yúnítì mìíràn ti lọ, ẹnikẹ́ni ò sì tíì wẹ̀. Nítorí náà, ẹ tàn án, kó gbóná, kẹ́ ẹ sì pa á.

Ọ̀rọ̀ wá kan iná tiwa gan-an. Ṣáwà kò wúlò àfi kí iná wà ní àkókò tí èèyàn dúró sábẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá múná wá láago méjì òru tí wọ́n sì mú un lọ láago márùn-ún, híta alágbá ti gbé omi gbóná sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Lítà 15 tó wà ní 60 dìgírì, tí a bá fi omi tútù là á, á tó bí ẹni méjì wẹ̀. Tí iná bá sì rẹlẹ̀, tó jẹ́ 160 fólítì dípò 230, agbára méjèèjì kì í tó ìdajì mọ́. Omi ṣáwà á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n híta alágbá á gbé tirẹ̀ gbóná, bó tiẹ̀ pẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tó jẹ́ 2.5 kò lè gbé ṣáwà 5,500 rárá. Ó lè gbé híta 1,500 tẹ́ ẹ bá pa nǹkan ńlá yòókù.

Ní ti ewu, ìyàtọ̀ tó tóbi jù nìyí: ẹ lè pa híta alágbá kẹ́ ẹ tó wọ balùwẹ̀, ṣùgbọ́n ṣáwà gbọ́dọ̀ máa jẹ iná lọ nígbà tí omi rẹ̀ ń dà sí yín lára. Ẹni tó bá ra ṣáwà gbọ́dọ̀ ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tó wọlẹ̀ lóòótọ́, wáyà nípọn tirẹ̀ láti ibi bíréékà, àti bíréékà tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá ń sá lọ sára èèyàn. Ó ní bọ́tìnì T. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù nígbà tí iná wà. Tí kò bá já, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ tó ń ta yín lọ́wọ́, ẹ pa bíréékà, kẹ́ ẹ pe oníná.

Híta alágbá náà ní ewu tirẹ̀. Fáàfù kékeré kan wà níbi tí omi tútù ti ń wọ inú rẹ̀. Tó bá ń kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí omi ń gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí púlọ́mbà dí i: tí ohun tó ń já iná nígbà tí omi bá gbóná tó bá bàjẹ́, fáàfù yẹn nìkan ló kù tí kò ní jẹ́ kí àgbá náà bú. Tí iná bá lọ, ẹ pa súwíìsì. Tí omi bá ti tán nínú táńkì òkè nígbà tí iná dé lóru, híta lè máa gbóná lórí òfìfo, kó sì jó.

Níbi tí iná kì í dúró, híta alágbá lítà 15 la máa kọ́kọ́ bá ọmọ ẹgbẹ́ mú. Kẹ́ ẹ fi owó wáyà, fáàfù àti bíréékà kún iye tẹ́ ẹ máa yá látìbẹ̀rẹ̀, torí iye tí wọ́n ń ta híta nìkan kọ́ ni iye rẹ̀.