Ìdí Tí Oníbúrẹ́dì Méjì Fi Ń Kóra Jọ Sáàárín Títì

Ẹ jẹ́ ká wo títì kan tó gùn ní mítà 1,000, tí ilé tò sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oníbúrẹ́dì méjì ló wà níbẹ̀. Ọjà wọn kò yàtọ̀, iye kan náà ni wọ́n ń tà á, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá sún mọ́lé lóníkálùkù sì ń lọ.

Ká ní ọ̀kan wà ní mítà 250, èkejì ní 750. Ìlàjì títì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ń rìn ju mítà 250 lọ. Ó tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni àkọ́kọ́ bá gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí 450, ààlà wọn á sún sí 600: àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, ó tún já mítà 100 gbà. Èkejì náà á sún wá sí 460, mítà 545 á sì di tirẹ̀. Wọ́n á máa sún bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi fẹ̀gbẹ́ kanra ní 500. Ìlàjì náà ni wọ́n ṣì ń pín. Àwọn ará ìpẹ̀kun ló wá ń rin mítà 500.

Harold Hotelling, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1929. Ibi tó ti kù ni owó: bí àwọn méjèèjì bá lè dín iye kù, ìfẹ̀gbẹ́kanra á di ewu, torí náírà kan péré lè kó gbogbo oníbàárà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì.