Iṣẹ́ Oṣù àti Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́

A ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn léèrè: bí ẹnì kan bá ní iṣẹ́ oṣù tí kò léwu, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà ti sú u, tí ó sì mọ aṣọ rán, ṣé kí ó jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀ ni, tàbí kí ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó lọ ṣí ìsọ̀ télọ̀? Àwọn mìíràn nínú yín yóò ti máa retí pé kí a yin iṣẹ́ ọwọ́ kí a sì fi akọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dùn-ún gbọ́ nínú ìpàdé. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ìṣirò ọkùnrin kan ni a fẹ́ ṣí níwájú yín.

Ọmọ ọ̀rẹ́ wa ni ọkùnrin náà, akọ̀wé sì ni ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, iye ẹrù tí ó wọlé àti iye èyí tí ó jáde ni ó ń kọ sínú ìwé. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ, ₦92,000 ni ó ń mú lọ sílé lóṣù. Ní alẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé, a máa rán bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin nínú yàrá kan ní ilé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà.

Ó wá bá wa, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, aṣọ mẹ́fà ni mo ń rán lóṣù, ₦15,000 ni mo sì ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦90,000 nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mi, bẹ́ẹ̀ ni àjẹkù àkókò ni mo fi ń rí i. Bí mo bá wá fi gbogbo ọjọ́ rán aṣọ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá létí. Ṣùgbọ́n a ní kí ó mú ìwé àti kálàmù, kí ó kọ ohun tí aṣọ kan ń jẹ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Òwú, bọ́tìnnì, àti gọ́ọ̀mù tí a ń tẹ́ sí ọrùn kí ó lè le dúró, jẹ ₦1,500. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn àti àyà ẹ̀wù gba ₦3,000. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń di etí aṣọ kí ó má baà tú gba ₦500. Epo jẹnarétọ̀, nítorí kò sí ẹni tí í fi iná mànàmáná nìkan dá ọjọ́ fún oníbàárà, jẹ ₦1,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦6,000. Èyí tí ó kù sí i lọ́wọ́ nínú ₦15,000 ni ₦9,000. A jẹ́ pé aṣọ mẹ́fà kò mú ₦90,000 wá, ₦54,000 ni. Tirẹ̀ ni iye wọ̀nyí o. Ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn ní láti kọ ti ìlú tirẹ̀.

Ó tún ku owó ìsọ̀. Nínú yàrá rẹ̀, kò san ohunkóhun fún ibi tí ó jókòó sí. Bí ó bá gba ìsọ̀ lẹ́bàá títì, ₦20,000 lóṣù ni owó ilé, àtúnṣe ẹ̀rọ, owó ìmọ́tótó, owó ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ àti oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ yóò sì mú un di ₦35,000. Aṣọ mẹ́rin ni yóò máa rán lóṣooṣù fún onílé àti ìsọ̀ kí ó tó rán ẹyọ kan fún ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi owó oṣù rẹ̀ kún owó ìsọ̀: ₦127,000 ni. Kí ó tó lè rí iye tí ó ń rí lónìí láti ìdí tábìlì, ó ní láti rán aṣọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù. Nọ́ḿbà yìí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ǹjẹ́ ó lè rán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ó lè rán an. Bùbá kan pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ ń gbà á ní wákàtí méje: wákàtí kan fún wíwọ̀n àti gígé, bíi márùn-ún fún rírán, ìyókù fún ìfọwọ́rán àti lílọ̀. Bí a bá yọ ìgbà tí oníbàárà fi ń jókòó sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí a fi ń lọ ra òwú lọ́jà, márùn-ún yóò jáde lọ́sẹ̀, ogún lóṣù. Ọwọ́ rẹ̀ tó o. Ohun tí a kò tíì mọ̀ ni bí àwọn tí yóò gbé aṣọ wá bá tó.

Ó dùn mọ́ wa pé ọkùnrin yìí ń kọ nǹkan sílẹ̀. Bóyá àǹfààní kan ṣoṣo tí iṣẹ́ akọ̀wé ṣe fún un nìyẹn! Nínú ìwé rẹ̀ ti oṣù méjìlá, aṣọ méjìléláàádọ́rin ni ó rán. Méjìdínlógójì nínú wọn wá ní oṣù mẹ́ta péré: oṣù tí ó ṣáájú Iléyá, oṣù Kọkànlá, àti oṣù Kejìlá. Oṣù mẹ́sàn-án yòókù pín mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láàárín ara wọn, kò pé mẹ́rin lóṣù kan. Ní oṣù Kejì, aṣọ ẹyọ kan ni ó wọlé, ti ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìkómọ.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo dá àwọn ènìyàn padà." Òtítọ́ ni, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú: mọ́kàndínlógún ni. Ibí yìí ni ojú ọ̀rọ̀ wà. Mẹ́rìndínlógún nínú àwọn tí ó dá padà ni ó wá ní oṣù ọdún mẹ́ta wọ̀nyẹn. Mẹ́ta péré ni ó wá ní oṣù mẹ́sàn-án yòókù. Ohun tí ẹni tí ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ń rí gbà ni àkókò. Ní oṣù mẹ́ta, àkókò ni ó ṣe aláìní. Ní oṣù mẹ́sàn-án, kì í ṣe àkókò ni kò ní. Oníbàárà ni, ìwé ìkọ̀wésílẹ̀ kì í sì í bí oníbàárà. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé ìwọ̀n: bí ó bá ti rán àwọn tí ó dá padà mọ́ àwọn tí ó rán, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni yóò jẹ́, ₦819,000. Bí a bá yọ owó ìsọ̀ ọdún kan, ₦420,000, èyí tí ó kù ni ₦399,000. Owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan náà lé ní mílíọ̀nù kan náírà.

A kò ní purọ́ mọ́ ìsọ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́bàá títì yóò rí àwọn tí ń kọjá, àwọn tí ṣòkòtò wọn fún tàbí tí sípù wọn já, díẹ̀ nínú wọn yóò sì padà wá pẹ̀lú aṣọ tuntun. Ẹ má sì gbàgbé pé Iléyá kì í dúró sójú kan. Bí ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi ń lọ sẹ́yìn nínú kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún. Ní ọdún 2007, ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ni ó bọ́ sí, gbogbo iṣẹ́ sì rọ́ lu àwọn télọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2025, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni. Ẹni tí ó bá fi ìwé ọdún kan ṣe òdiwọ̀n ọdún mẹ́wàá yóò ṣìnà.

Ní ti pé iṣẹ́ tábìlì ń súni, a bi í léèrè bí ó ti rí nígbà tí wọ́n gbé aṣọ ẹbí ogún fún un, àwọ̀ kan náà, ọrùn kan náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí ó di ìkejìlá, ó ń rò ó pé ìwé ẹrù sàn jù ú lọ. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀gá tí ó ní ìsọ̀ kì í pẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ẹ wò ó: bí ó bá rán aṣọ kan tán fúnra rẹ̀, ₦9,000 fún wákàtí méje, kò tó ₦1,300 fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ̀n ọ́n, tí ó gé e, tí ó sì san ₦5,000 fún agbàṣe láti rán an, ₦4,000 ni ó rí fún wákàtí kan àti díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ń di àlùmọ́gàjí mú, tí ó ń wọn èjìká, tí ó ń bẹ oníbàárà, tí ó sì ń sin gbèsè. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìró ẹ̀rọ nìkan ni yóò kọ́kọ́ pàdánù rẹ̀.

Àlùmọ́gàjí náà ní ewu tirẹ̀. Ọrùn tí a gé fẹ̀ jù kò ní àtúnṣe. Bí aṣọ oníbàárà bá jẹ́ gínnì ₦60,000, èrè aṣọ méje ni yóò fi san án. Owó ìdajì tí oníbàárà ń san sílẹ̀ kò sì tíì di ti télọ̀ títí aṣọ náà yóò fi jáde. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni ó ti kú nítorí pé ìdajì owó aṣọ ti ẹni ọ̀la ni a fi ra òwú ti ẹni àná.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, tí ọkùnrin náà ti ń wò gẹ́gẹ́ bí owó ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀. Nípa òfin ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń fi 8 nínú 100 owó rẹ̀ sílẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi 10 kún un. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba èyí tí kò ju ìdá mẹ́rin kan lọ nínú rẹ̀. Ìyókù yóò dúró. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin wa. Kò lè fi owó náà ra ẹ̀rọ ní oṣù tí ó jáde, 10 agbanisíṣẹ́ yóò sì dá dúró lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìdáhùn wa fún un ni pé kí ó má tíì lọ. A kò sọ pé kí ó má lọ láé. Oṣù mẹ́sàn-án ni kí ó lọ wá iṣẹ́ fún, kì í ṣe oṣù ọdún. Ó gbọ́. Ó ti gba aṣọ ilé ẹ̀kọ́ méjì láti rán, èyí tí ń wá láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ó sì ti rí agbàṣe kan tí ń wá ní ọ̀sán nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ₦2,000 kún owó rẹ̀; oníbàárà méjì ni ó lọ, àwọn yòókù dúró. Nígbà tí a rí ìwé rẹ̀ gbẹ̀yìn, iye tí ń wọlé ní oṣù tí kò ní ọdún nínú ti di mẹ́sàn-án. Ó ṣì wà ní ìdí tábìlì, ó ń kọ iye ẹrù.