Ikọ́ Gbígbẹ Tí Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Ń Fà

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikọ́ tí òtútù ń fà, kì í sì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ikọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé inú oògùn tí dókítà kọ fún aláìsàn ni ó ti ń jáde wá. Oògùn náà ń ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ gbé e mì, ẹ̀jẹ̀ ríru ń lọ sílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀fun kò jẹ́ kí aláìsàn sùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì fi ilé rẹ̀ sí Ìkògòsì ní ilẹ̀ Èkìtì. Ẹ má wulẹ̀ wá a débẹ̀ o, àpẹẹrẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe é lè ṣe ẹnikẹ́ni láti Ìjerò dé Arámọ̀kọ, títí kan Ẹ̀fọ̀n. Ọmọ ọdún 58 ni ìyá yìí. Bọ̀ọ̀lì ni ó ń sun tà fún àwọn àlejò tí wọ́n ń wá wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ara wọn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé púrótíìnì, èyí tí ó yẹ kí ó dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ti ń jò gba inú kíndìnrín rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, dókítà fi lisinopríìlì miligíráàmù 10 kún amulodipíìnì miligíráàmù 5 tí ó ti ń lò tẹ́lẹ̀.

Kí oṣù kọkànlá tó dé ìdajì, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Bí ó bá ti dùbúlẹ̀ ní alẹ́ ni ikọ́ yóò dé, gbẹrẹgẹdẹ, láìsí kẹ́lẹ́bẹ̀, láìsí ibà, láìsí pé imú dí. Àwọn aládùúgbò ní ọyẹ́ tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ni. Àwọn mìíràn ní èéfín bọ̀ọ̀lì ni. Ó jẹ orógbó títí eyín fi kan án. Ó po oyin mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ra oògùn ikọ́ olómi lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, ó tún ra kápúsù lé e. Owó lọ, ikọ́ kò lọ.

Ọ̀rọ̀ èéfín nì tọ́ kí a gbé e yẹ̀ wò, nítorí èéfín lè fa ikọ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni ìyá yìí ti ń fẹ́ iná bọ̀ọ̀lì tí kò wúkọ́, ọyẹ́ ogún ọdún ti fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ bákan náà. Ohun tuntun wo ni ó wọ inú ayé rẹ̀ ní ọdún yìí? Ohun tí dókítà bi í nìyẹn nígbà tí ó padà lọ.

"Màmá, nígbà wo gan-an ni ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Dókítà ọmọ mi, ọyẹ́ ni."

"Mo gbọ́ ti ọyẹ́, mà. Ṣé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun tí mo fún yín ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Ìyá náà rò ó títí. "Lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe lè di ikọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Nínú ara wa, alágbẹ̀dẹ kan wà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ẹ́nsáìmù, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni n ó máa pè é. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Èkíní, ó ń rọ kọ́kọ́rọ́ kan tí a ń pè ní angiotẹnsíìnì kejì. Kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń wọ ihò kan lára iṣan ẹ̀jẹ̀, bí ó bá sì ti yí i, iṣan a fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a ru sókè. Iṣẹ́ kejì rẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbá. Ohun kan tí ń jẹ́ bradikiníìnì máa ń kó jọ, alágbẹ̀dẹ yìí náà ni ó sì ń gbá a dànù.

Àwọn oògùn tí orúkọ wọn parí sí príìlì, bíi lisinopríìlì, ramipríìlì, enalapríìlì àti kapitopríìlì, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ náà ni wọ́n ń so. Kọ́kọ́rọ́ kò jáde mọ́, iṣan dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbálẹ̀? Bradikiníìnì kó jọ sí ọ̀nà ọ̀fun, ó ń rin ẹ̀ṣọ́ ọ̀fun bí ìgbà tí a bá fi ìyẹ́ adìẹ rin ín, ẹ̀ṣọ́ náà sì ń fi ikọ́ dá a lóhùn. Ẹ wá rí ìdí tí orógbó àti oògùn olómi kò fi ran ìyá wa lọ́wọ́. Ìdí kan náà ni kò fi sí èrè nínú kí a gba lisinopríìlì lọ́wọ́ ẹni kí a fún un ní ramipríìlì: ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan náà ni gbogbo wọn ń so. Dídín ìwọ̀n rẹ̀ kù náà kì í sábà yanjú rẹ̀.

Ó dùn mọ́ni pé ibi tí oògùn yìí ti wá gan-an ni ikọ́ náà fara pamọ́ sí. Ní ọdún 1965, onímọ̀ ọmọ Bùràsíìlì kan, Sérgio Ferreira, sọ fún ayé pé oró paramọ́lẹ̀ kan ní ilẹ̀ wọn ń mú kí agbára bradikiníìnì pọ̀ sí i. Láti ibi ìmọ̀ yẹn ni àwọn mìíràn ti ṣe kapitopríìlì, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1981. Oró ejò tí ó ń gbé bradikiníìnì ró ni baba ńlá oògùn náà. Kí ni ìbá ṣe tí ọ̀fun kò fi ní gbọ́ sí i? Bí ènìyàn 100 bá ń lo irú oògùn yìí, ikọ́ lè mú bí 10 nínú wọn, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹlòmíràn kò ní lò ó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí ikọ́ tó dé, ẹlòmíràn yóò lò ó fún oṣù bíi mélòó kan kí ó tó rí i.

Àwọn oògùn mìíràn wá dé, tí orúkọ wọn parí sí sátáànì. Lọsátáànì ni ó ṣíwájú, ní 1995. Àwọn wọ̀nyí kò so ọwọ́ alágbẹ̀dẹ rárá. Wọ́n jẹ́ kí ó máa rọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ó sì máa gbálẹ̀ rẹ̀. Ihò kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n lọ dí. Ní 2008 a gbọ́ èsì ìwádìí ńlá kan tí a fi ènìyàn tí ó ju 25,000 ṣe ní orílẹ̀-èdè 40. Ramipríìlì àti tẹlimisátáànì dáàbò bo ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ bákan náà. Ṣùgbọ́n nínú ẹni 100 tí wọ́n fún ní ramipríìlì, bí 4 ni ikọ́ mú kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nínú ẹni 100 tí wọ́n fún ní tẹlimisátáànì, bí 1 péré. Àwọn tí wọ́n fún ní méjèèjì pọ̀ kò rí àǹfààní kankan lé e, kíndìnrín wọn ni ó jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba sátáànì, kí ó kó príìlì kúrò nílé.

Dókítà ìyá wa kò kàn yí oògùn padà lójú ẹsẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ikọ́ tí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, a kò gbọdọ̀ fi í sọrí oògùn kí a tó wádìí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n sì yẹ ìwọ̀n itọ́ tí wọ́n rí gbà wò; kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n bi í bóyá èémí ń há a bí ó bá dùbúlẹ̀, wọ́n sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó wú, nítorí ọkàn tí ó ti rẹ̀ náà a máa fa ikọ́ òru. Ẹsẹ̀ kò wú. Wọ́n bi í bóyá ara rẹ̀ ń fọn, bóyá àyà ń ta á. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oògùn náà nìkan ni ó kù.

Nígbà náà ni wọ́n ní kí ó dá lisinopríìlì dúró, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lọsátáànì miligíráàmù 50 ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Amulodipíìnì dúró sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà wá, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó jẹ́ 134 lórí 80. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bóyá iyọ̀ tí a ń pè ní pọtasíọ̀mù kò ti pọ̀ jù, nítorí sátáànì náà lè gbé e sókè gẹ́gẹ́ bíi príìlì. Ikọ́ ti dín kù. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti ń sùn di òwúrọ̀.

Ẹ wo ìdí tí a fi yan sátáànì fún un. Kíndìnrín rẹ̀ tí ń jo púrótíìnì nílò irú ààbò tí príìlì tàbí sátáànì ń fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Irú wọn ni ìyípadà yìí bá mu jù. Ṣùgbọ́n ká ní aládùúgbò rẹ̀ kan, bàbá olóko kòkó, ní ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, tí kíndìnrín àti ọkàn rẹ̀ sì dá ṣáká, dókítà rẹ̀ lè yọ príìlì kúrò láìfi sátáànì rọ́pò rẹ̀ rárá. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, príìlì tàbí sátáànì nìkan kì í sábà lágbára tó amulodipíìnì tàbí oògùn tí ń mú ni tọ̀. Ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, tí a fi ènìyàn 728 ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn pé ìdàpọ̀ oògùn tí amulodipíìnì wà nínú rẹ̀ mú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ ju ìdàpọ̀ tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, tí kò dí i lọ́wọ́ oorun tàbí ọ̀rọ̀ sísọ, tí oògùn náà sì bá a lára mu, òun àti dókítà rẹ̀ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹni tí ó dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nílé nítorí ikọ́, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ikọ́ rẹ̀ yóò lọ, inú rẹ̀ yóò dùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa ru láìjẹ́ pé ó mọ̀. Obìnrin tí ó lóyún, tàbí tí ó ń retí oyún, kò gbọdọ̀ lo príìlì, kò gbọdọ̀ lo sátáànì, nítorí kíndìnrín ọmọ inú. Kí ó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n fún un ní oògùn mìíràn. Bí ètè, ahọ́n tàbí ojú ẹni tí ń lo príìlì bá sì wú lójijì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikọ́ mọ́. Kí ó má gbé oògùn náà mì mọ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní wákàtí náà gan-an, ìbáà ṣe òru, nítorí ọ̀nà èémí lè dí.

Ní ti ikọ́, bí a bá ti dá príìlì dúró, ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin ni ó sábà máa ń gbà kí ó tó lọ, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta lára àwọn mìíràn. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí ó ṣì wà níbẹ̀, oògùn kọ́ ni ó fà á, kí a padà lọ yẹ àyà wò láti ìbẹ̀rẹ̀.