Ìwé Ìpinnu Olóòtú: Àmì Ìsopọ̀, Lẹ́tà Ńlá àti Nọ́ńbà Nínú Ìwé Tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Jọ Kọ



Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìwé kan lórí ìtàn Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré wà níwájú wa. Òǹkọ̀wé mẹ́fà ló kọ orí mẹ́fà inú rẹ̀. Ẹnì kan kọ “Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì”, ẹlòmíràn kọ “Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì”. Ẹnì kan kọ “Òkè Olósùnta”, ẹlòmíràn kọ “òkè Olósùnta”. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 yanjú ọ̀pọ̀ nǹkan nípa bí a ṣe ń kọ Yorùbá, ṣùgbọ́n olóòtú ni yóò pinnu bí orúkọ òkè kan yóò ṣe hàn nínú ìwé kan. Ibi tó ń kọ ìpinnu bẹ́ẹ̀ sí ni mo pè ní ìwé ìpinnu.

Nígbà tí olóòtú bá kọ́kọ́ ka ìwé náà já, kí ó má tíì tún ohunkóhun ṣe. Kí ó kàn máa kọ gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kan gbà hàn sílẹ̀, pẹ̀lú ojú ìwé tó ti rí i. Ìpinnu tí a bá sáré ṣe ní orí kìíní lè forí gbárí pẹ̀lú ohun tó wà ní orí kẹrin. Lẹ́yìn náà ni yóò yan ọ̀kan, tí yóò sì kọ ìdí rẹ̀ àti ibi tí kò ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Nọ́ńbà ló máa ń fa wàhálà jù. Bí àpẹẹrẹ, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wẹ́mbílì, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, ó sì wà ní Ilé Ọnà Ìṣẹ̀ǹbáyé Bìrìtìkó di òní. Bí òǹkọ̀wé kan bá fi ọ̀rọ̀ kọ ọdún yẹn, ẹgbàá dín mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni yóò kọ, òǹkàwé yóò sì kọ́kọ́ ṣírò kó tó mọ ọdún tí à ń wí. Nítorí náà, ìpinnu wa ni pé nọ́ńbà ni a ó fi kọ ọdún. Ní ti iye nǹkan, a ó fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ dé ogún, a ó sì fi ọ̀rọ̀ kọ ọgbọ̀n, ogójì àti ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà ni ìyókù.

Ibẹ̀ ni àmì ìsopọ̀ ti wọlé. A kọ “márùn-ún” àti “ọgọ́rùn-ún” pẹ̀lú àmì yìí, nítorí bí a bá kọ “márùnún”, ojú lè ka “n” àárín bíi kọ́ńsónáǹtì, kí ọ̀rọ̀ náà di “má-rù-nún”. Ṣùgbọ́n “mẹ́rìndínlógún” kò nílò rẹ̀, nítorí kò sí fáwẹ́lì tí a fà gùn níbẹ̀. Ìdí yìí gan-an ló yẹ kó wà nínú ìwé ìpinnu, kí atẹ̀wé má baà rí “márùn-ún” kó lọ kọ “mẹ́rìn-dín-lógún”.

Èyí ni bí àwọn ìlà díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò ṣe rí:

márùn-ún: pẹ̀lú àmì, kì í ṣe “márùn ún”.
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: pẹ̀lú àmì, nígbà àkọ́kọ́ nínú orí kọ̀ọ̀kan, Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn náà.
òkè Olósùnta: lẹ́tà kékeré fún “òkè”, àfi níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn.
Ọdún Olósùnta: lẹ́tà ńlá fún àjọ̀dún, “ọdún 1924” lẹ́tà kékeré.
Ọba: lẹ́tà ńlá ṣáájú orúkọ, “àwọn ọba Èkìtì” lẹ́tà kékeré.
Ọ̀rọ̀ tí a yọ láti inú ìwé mìíràn: a kò fọwọ́ kàn án.

Ìlà ìgbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo “Ọdún” di “ọdún” lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ba ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn jẹ́, yóò ba orúkọ àjọ̀dún jẹ́, yóò sì yí ọ̀rọ̀ onítàn àtijọ́ padà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a máa wò ó. Ẹ tún rántí pé ẹni méjì lè tẹ “ẹ́” ní ọ̀nà tó yàtọ̀ lórí ẹ̀rọ, tí ojú kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ lè má rí ọ̀kan nínú wọn bí a bá ń wá “Ìkẹ́rẹ́”. Bó bá jẹ́ àmì ìsopọ̀ là ń yẹ̀ wò, ẹ wá àmì náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá “kìtì” nìkan, ní gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè rí ibi tí àmì náà ti sọnù.

Bí ìpinnu kan bá yí padà, ẹ fa ìlà lé e, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tó yí padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé. Atọ́ka ẹ̀yìn ìwé ni yóò dán iṣẹ́ yín wò. Bí òkè kan ṣoṣo bá jáde lábẹ́ “Òkè Olósùnta” àti lábẹ́ “Olósùnta, òkè”, tí ojú ìwé rẹ̀ pín sí méjì, ìpinnu kan wà tí a kò ṣe. Ẹ padà lọ ṣe é kí ìwé náà tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.